Ẹnì kan fún mi ní gémù mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ṣé kí n san ₦25,000 fún ẹ̀kẹrin?

Sikiru_Ládípọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Páàtì ọkọ̀ ni mò ń tà ní Ládípọ̀. Ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi lórí Wáàsáàpù, ó pe ara ẹ̀ ní Kóṣì. Ó ní òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, kí n ṣáà máa wò. Ó ní ẹgbẹ́ kan ní Róméníà máa na àlejò ẹ̀ mọ́lé. Wọ́n nà án. Ó ní ọ̀mì ni gémù kejì. Ọ̀mì ni. Lánàá ó ní àlejò ló máa gbé ẹ̀kẹta lọ, àlejò gbé e lọ. Mi ò fi náírà kan ta ọ̀kankan nínú wọn, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Ó wá ní gémù fíìsì kan ń bọ̀ ní Sátidé, iye góòlù gan-an lòun máa sọ, ọ́ọ̀dì 28, kí n san ₦25,000. Mo mọ̀ pé gbájúẹ̀ pọ̀ nígboro. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń mọ mẹ́ta léra wọn tí kò bá ní ohun tó mọ̀?

Màmá_Kẹ́hìndé · Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

Má san án. Tó bá mọ iye góòlù, kí ló dé tí kò lọ ta á fúnra ẹ̀?

Ọmọ_Bàrígà · Ọjọ́bọ̀, 9:31 alẹ́

Ìyá, ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi wọ́n nìyẹn, wọ́n sì ní ìdáhùn ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á ní ilé tẹ́tẹ́ ti dá àwọn mọ̀, wọn ò gba owó àwọn mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń tà á fún èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n Sikiru, mo máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dá gémù fíìsì mọ̀. Ẹ máa wo ọ́ọ̀dì. Ẹgbẹ́ tó wà ní 2.40 láàárọ̀, tó bá di 1.70 kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó mọ nǹkan ti da owó sí i. Ojú yẹn ni mo fi ń ta tèmi. Tí Kóṣì yẹn bá dárúkọ gémù, ẹ wò ó bóyá ọ́ọ̀dì ẹ̀ ń já bọ́. Tó bá ń já bọ́, ẹ san owó ẹ̀.

Akọ̀wé_Àná · Ọjọ́bọ̀, 10:05 alẹ́

Kóṣì ò mọ nǹkan kan. Kì í ṣe ìwọ nìkan ló kọ̀wé sí, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Mo bá ọ̀kan nínú irú wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin ní 2019, nínú yàrá kan lẹ́bàá Akọka. Mátírẹ́ẹ̀sì kan, fóònù mẹ́fà tó ń gba iná lórí ìlà kan náà, àti ìwé ìkọ̀wé kan tí páálí ẹ̀ ti já. Èmi ni mo ń kọ ìwé yẹn. N kò fi yangàn.

Báyìí ló ṣe ń lọ. Ká ní nọ́ńbà 810 ló wà lọ́wọ́ wa. A ti kó wọn nínú àwọn ẹgbẹ́ Wáàsáàpù tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo máa fa ìlà méjì lójú ìwé, ó di ọ̀wọ́ mẹ́ta: ilé, ọ̀mì, àlejò. Àwọn 270 gbọ́ pé onílé ló máa borí, 270 gbọ́ pé ọ̀mì ni, 270 yòókù gbọ́ pé àlejò ni. Bọ́ọ̀lù ò ní ibòmíì tó lè parí sí. Bó ṣe wù kó rí, èèyàn 270 á jí lọ́jọ́ kejì kí wọ́n rí i pé a sọ òótọ́. Àwọn 540 tó kù, mo fi báírò pupa fa ìlà gba orúkọ wọn, a ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní gémù kejì, a tún pín àwọn 270 yẹn sí mẹ́ta. 90 ló kù. Ní ẹ̀kẹta, a pín 90, ó ku 30. Ọgbọ̀n èèyàn yìí ti rí mẹ́ta léra wọn, wọ́n sì lè fi ọmọ wọn búra pé wolíì ni wá. Nínú wọn nìwọ wà báyìí, Sikiru. Ilé, ọ̀mì, àlejò: o wò ó bí wọ́n ṣe tò léra wọn? Ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ìwé mi nìyẹn.

Bí mẹ́jọ péré nínú ọgbọ̀n bá san ₦25,000, ₦200,000 ti wọlé, dátà tí a fi kọ̀wé sí gbogbo wọn ò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Líìgì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ la máa ń yàn, torí tá a bá mú Àsẹ́nà tàbí Ṣẹlísíì, olúwarẹ̀ á ti ní èrò tiẹ̀ lọ́kàn, á máa bá wa jiyàn. Róméníà, Fínlándì, líìgì kejì ní Tọ́kì: kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, a sì wá di ojú ẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀gá máa ń bẹ̀rù. Ó ní ká má fi àwọn tó mọra wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí nọ́ńbà mẹ́wàá bá ti inú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù kan wá, ọ̀wọ́ kan náà là ń kó wọn sí, kó má baà ṣẹlẹ̀ pé wọ́n jókòó sídìí ọtí kí wọ́n fi fóònù wéra. Àmọ́ a ò lè mọ gbogbo ẹni tó mọra. Torí náà, bi àwọn ará ìlà ṣọ́ọ̀bù rẹ. Má bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí Kóṣì tó mọ gémù, torí ẹni tí tiẹ̀ kùnà ti pa á rẹ́, kò sì ní ka ara ẹ̀ mọ́ ọn. Bi wọ́n bóyá ẹnì kan kọ̀wé sí wọn nípa ẹgbẹ́ Róméníà.

Àǹtí_Ṣadé_ÈbúteMẹ́ta · Ọjọ́bọ̀, 10:48 alẹ́

Ẹni tó kọ èyí, Ọlọ́run á dárí jì yín, torí ẹ̀yin lẹ fọ́ ilé àbúrò mi.

Tiẹ̀ ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kó san ₦10,000, wọ́n ní tí gémù bá kùnà àwọn á dá owó padà. Ó wọlé. Inú ẹ̀ dùn, ó san ₦20,000 fún èyí tó tẹ̀lé e, ìyẹn kùnà. Wọ́n dá ₦20,000 yẹn padà fún un ní wàrà-wàrà! Mo rí álàátì yẹn pẹ̀lú ojú ara mi, èmi gan-an ni mo sọ pé àwọn èèyàn yìí ṣe é fọkàn tán. Ẹ̀kẹta, ₦60,000. Ó kùnà, wọ́n ní rẹfirí ló da ètò rú, kó san ₦35,000 ìdójútòfò kí àwọn fi òmíràn dí i. Ó san án. Wọ́n ní owó tó jẹ ti di ₦900,000, kó san owó orí lórí ẹ̀. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló fi san. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà yẹn kò lọ mọ́.

Ohun tí kò yé mi di òní ni ₦20,000 tí wọ́n dá padà yẹn. Olè wo ló ń dá owó padà?

Akọ̀wé_Àná · Ọjọ́bọ̀, 11:10 alẹ́

Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò lè sọ pé àwa kọ́.

₦20,000 yẹn kì í ṣe owó wọn. Ẹ wò ó. Ká ní èèyàn méjì san ₦20,000 fún gémù kan náà. Ọ̀kan gbọ́ pé góòlù á ju méjì lọ, èkejì gbọ́ pé kò ní tó mẹ́ta. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọlé. Wọ́n dá ₦20,000 padà fún ẹni tí tiẹ̀ kùnà, wọ́n sì jẹ ₦20,000 ẹni tí tiẹ̀ wọlé, ìyẹn á tún máa dúpẹ́. Wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Bí èèyàn bá jẹ́ ogún, mẹ́wàá gba owó wọn padà, ₦200,000 kù lọ́wọ́ wọn. Ìdápadà yẹn ló sì ń mú káwọn èèyàn jẹ́rìí fún wọn, bí ẹ̀yin náà ṣe jẹ́rìí.

Nígbà tó bá di owó ńlá bíi ₦60,000 ni wọn kì í dá a padà mọ́. Ìdójútòfò àti owó orí ló kù. Ilé tẹ́tẹ́ tòótọ́ kì í sọ pé kó o san owó wọlé kó o tó gba èyí tó o jẹ. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè ìyẹn, gémù ti parí.

Baba_Púùlù · Ọjọ́ Ẹtì, 6:02 òwúrọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Èmi ta púùlù ní Ìdúmọ̀tà láti ìgbà tí wọn ò tíì bí púpọ̀ nínú yín. Ẹni tó fẹ́ mọ ọ̀mì, kó má lọ bá Kóṣì kankan. Ó máa wo nọ́ńbà tó jáde ní ọ̀sẹ̀ kẹta sẹ́yìn, á yọ èyí tó wà láàárín, á sì fi kún tọ̀sẹ̀ yìí. Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Sikiru, wá bá mi lọ́nà ibi tí mò ń jókòó sí ní Sọ́ńdè, mi ò ní gba owó.

Màmá_Kẹ́hìndé · Ọjọ́ Ẹtì, 6:40 òwúrọ̀

Baba, ẹ̀ẹ̀mejì láti ìgbà tí wọn ò tíì bí wa? 😂 Ẹ dákẹ́ o jàre.

Ọmọ_Bàrígà · Ọjọ́ Ẹtì, 8:15 òwúrọ̀

Akọ̀wé, ìtàn ìwé ìkọ̀wé yẹn yé mi, ó sì ká mi lára. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ bíi pé gémù fíìsì ò sí. Mo wà níwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí Nàìjíríà gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Ajẹntínà ní Àbújá ní 2011. A ti na wọ́n mẹ́rin sí òdo. Rẹfirí ò fun fèrè, ó ń fi ìṣẹ́jú kún ìṣẹ́jú títí ó fi fún wọn ní pẹ́náítì, 4-1. Ọmọdé gan-an mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Akọ̀wé_Àná · Ọjọ́ Ẹtì, 12:30 ọ̀sán

Ó wà. Ibrahim Chaibou ará orílẹ̀-èdè Niger ni rẹfirí yẹn, FIFA sì lé e kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé ní 2019. Mi ò sọ pé kò sí gémù àṣètò. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ní i lọ́wọ́ kì í tà á fún ọlọ́jà ní Ládípọ̀ ní ₦25,000, ìwọ gan-an lo sì ti sọ ìdí ẹ̀ láìmọ̀, níbi tó o ti ń sọ̀rọ̀ ọ́ọ̀dì tó ń já bọ́.

Mú ti Jámánì ní 2004. Hamburg lọ gba bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ Paderborn, ẹgbẹ́ kékeré tí ipò ẹ̀ jìnnà sísàlẹ̀ tiwọn. Hamburg ti gbá góòlù méjì wọlé ná. Rẹfirí Robert Hoyzer wá fún Paderborn ní pẹ́náítì méjì, ó lé agbábọ́ọ̀lù Hamburg kan jáde, Paderborn sì gbé e lọ ní 4-2. Ọkùnrin tó fún un lówó, Ante Sapina, òun àti àwọn èèyàn ẹ̀ ló ta tẹ́tẹ́ ẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tí owó bá ti pọ̀ jù lórí gémù tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ilé tẹ́tẹ́ á gé ọ́ọ̀dì ẹ̀ lulẹ̀ tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú ìwé pátápátá. Àṣírí gémù dà bí omi inú apẹ̀rẹ̀, bí ọwọ́ tó kàn án bá ti pọ̀, kò sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà, kì í ṣe gbogbo èyí tí Sapina ṣètò ló bọ́ sí i. Rẹfirí ń bẹ lápò ẹ̀, owó ṣì ń bọ́. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù márùn-ún fún Hoyzer.

Kóṣì wá ní òun mọ iye góòlù, kì í ṣe ẹni tó máa borí nìkan. Láti ṣètò iye góòlù gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, títí kan àwọn gólì.

Nípa ọ́ọ̀dì tó ń já bọ́, ìdajì ẹ̀ lo mọ̀. Owó ló ń já a lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fa owó yẹn ni pé orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù ti jáde, gólì àti àgbà ìwájú ẹgbẹ́ kejì ò sí níbẹ̀. Nígbà tí ìwọ bá fi rí 1.70, ẹni tó mọ̀ ti ta tiẹ̀ ní 2.40. Èyí tó ṣẹ́kù lo ń rà.

Ọmọ_Bàrígà · Ọjọ́ Ẹtì, 12:44 ọ̀sán

Hmm. Mo ṣì ń jẹ lọ́nà tèmi o.

Sikiru_Ládípọ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 7:50 alẹ́

Mo ti bi wọ́n o.

Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní ẹ̀gbẹ́ mi ní òun ò mọ Kóṣì kankan. Mo bi í nípa Róméníà, ó dúró díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àh, aláìmọ̀kan yẹn?" Ó ṣí fóònù ẹ̀, kò tíì pa á rẹ́. Nọ́ńbà kan náà ni. Àwòrán ọkùnrin tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan náà. Ọ̀rọ̀ gémù àkọ́kọ́ bá tèmi mu lẹ́tà sí lẹ́tà, títí kan ibi tó ti ṣe àṣìkọ. Ní gémù kejì, èmi gba ọ̀mì, òun gba àlejò. Ìṣẹ́jú méjì ló wà láàárín ìgbà tó fi tèmi ránṣẹ́ àti ìgbà tó fi tiẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ̀wé sí i mọ́.

Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n níbi tí mo dúró sí. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé mo ti fi ₦10,000 ránṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí n tó kọ̀wé síbí. Ó ní kí n fi dí àyè mi mú, kí n mú ₦15,000 wá ní Sátidé. Ojú ló ń tì mí.

Àǹtí_Ṣadé_ÈbúteMẹ́ta · Ọjọ́ Ẹtì, 8:01 alẹ́

Kì í ṣe ohun ìtìjú, àbúrò mi. ₦10,000 ṣì kéré. Pe báńkì rẹ nísinsìnyí, má dúró dọ̀la.

Akọ̀wé_Àná · Ọjọ́ Ẹtì, 8:22 alẹ́

Pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ, sọ pé jìbìtì ni, kí o fún wọn ní ọjọ́, aago, iye owó àti àkáùntì tó gbà á, kí o sì ní kí wọ́n kọ̀wé sí báńkì kejì. Tí owó bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè dì í mú. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ní tiwa, owó kì í lò tó ìdajì wákàtí nínú àkáùntì, ọmọ kan ti ń dúró lọ́dọ̀ oní-píòésì láti gbà á jáde. Orúkọ ta ló jáde nígbà tó o fi ránṣẹ́?

Sikiru_Ládípọ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 8:25 alẹ́

Orúkọ obìnrin ni.

Akọ̀wé_Àná · Ọjọ́ Ẹtì, 8:31 alẹ́

Ó lè má mọ ohun tí wọ́n ń fi àkáùntì ẹ̀ ṣe. A máa ń yá a lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Má ṣe gbé orúkọ ẹ̀ síbí. Fi ẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn kí ìwé lè wà nílẹ̀, torí báńkì á béèrè ẹ̀. Má sì sọ fún Kóṣì pé o ti mọ̀. Má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ nínú fóònù rẹ, kí ti aládùúgbò rẹ náà wà níbẹ̀.

Túnjí_Sùúrùlérè · Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹni tó bá ń ta gémù olè ni. Ẹni tí mò ń sanwó fún kì í sọ pé fíìsì ni. Ẹni tó ń ka eré bọ́ọ̀lù ni, ₦5,000 lóṣù lórí Tẹligíráàmù. Ọ́ọ̀dì 1.50 ló sábà máa ń fún wa, mẹ́fà ń wọlé nínú mẹ́wàá. Èwo ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀?

Akọ̀wé_Àná · Ọjọ́ Ẹtì, 10:12 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Túnjí, ẹ jẹ́ ká fi tiyín ṣírò. Ẹ fi ₦1,000 ta ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́wàá, ₦10,000 jáde lápò yín. Mẹ́fà wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ₦1,500 wá, ₦9,000 nìyẹn. Ẹ ti pàdánù ₦1,000, kí ẹ tó san ₦5,000 ẹ̀. Ní ọ́ọ̀dì 1.50, méjì gbọ́dọ̀ wọlé nínú mẹ́ta kí owó yín tó dúró síbi tó wà. Ó lè máà jẹ́ olè. Kò kàn ń mú owó wá ni.

Ẹ sì wo mẹ́fà yẹn dáadáa. Ta ló ń kà á, ẹ̀yin ni àbí òun? Tó bá jẹ́ ojú ìwé ẹ̀ lẹ ti ń kà á, ẹ di ọ̀kan nínú àwọn ìfiránṣẹ́ ẹ̀ mú, ẹ ṣe ẹ̀dà líǹkì ẹ̀. Ẹ máa rí nọ́ńbà nípárí ẹ̀, bíi `t.me/oruko/412`. Èyí tó tẹ̀lé e yẹ kó jẹ́ 413. Tó bá fò láti 412 sí 419 ní alẹ́ tí gémù púpọ̀ kùnà, ìfiránṣẹ́ tó ti parẹ́ ló wà láàárín. Kì í ṣe gbogbo àlàfo ni olè o. Tó bá fi àwòrán mẹ́rin sí i lẹ́ẹ̀kan, ó ń jẹ nọ́ńbà mẹ́rin, tó bá lẹ ìfiránṣẹ́ kan mọ́ òkè, ìyẹn náà ń jẹ. Àmọ́ tí àlàfo bá ń wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì gémù tó kùnà, tí kì í wá nígbà míì, ó ti yé yín.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan sí i: ṣé líǹkì ẹ̀ lẹ fi forúkọ sílẹ̀ ní ilé tẹ́tẹ́ tí ẹ ń lò?

Túnjí_Sùúrùlérè · Ọjọ́ Ẹtì, 10:20 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní èrè ìforúkọsílẹ̀ á pọ̀ tí mo bá gba ibẹ̀.

Akọ̀wé_Àná · Ọjọ́ Ẹtì, 10:33 alẹ́

Àdéhùn kan wà tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ ń bá irú wọn ṣe, pé nínú owó tí àwọn tó gba líǹkì yẹn wọlé bá pàdánù, wọ́n á fún oní-líǹkì ní tiẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá tiẹ̀ nìyẹn, torí òmíràn wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn san owó kan fún un lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá. Ẹ bi í.

Túnjí_Sùúrùlérè · Ọjọ́ Ẹtì, 10:51 alẹ́

Mo bi í. Ó ní iṣẹ́ ẹ̀ ni, kí n má dá sí i. Mo ti sanwó oṣù yìí ná, ẹ jẹ́ kí n lò ó tán kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe.

Sikiru_Ládípọ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:17 alẹ́

Báńkì ní àwọn ti kọ̀wé, pé ₦140 ló kù nínú àkáùntì yẹn.

Mi ò san ₦15,000 yẹn. Kóṣì pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó di aago márùn-ún ó ní òun á ṣàánú mi, ó fi iye góòlù ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́: 3-1. Ó parí sí òdo sí òdo. Ìṣẹ́jú méje lẹ́yìn fèrè, ó kọ̀wé pé wọ́n pààrọ̀ rẹfirí ní wákàtí tó kẹ́yìn, kí n san ₦15,000 ìdójútòfò. Bí Àǹtí Ṣadé ṣe sọ ọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ kan náà.

Màmá_Kẹ́hìndé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:30 alẹ́

Akọ̀wé, mo fẹ́ bi yín nǹkan kan, ẹ má bínú. Èló ni wọ́n ń san fún yín?

Akọ̀wé_Àná · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:48 alẹ́

₦30,000 lóṣù àti oúnjẹ. Mo kúrò níbẹ̀ nígbà tí mo rí nọ́ńbà bàbá ọ̀rẹ́ mi nínú ọ̀wọ́ àwọn ọgbọ̀n. Mo fi báírò pupa fa ìlà gba á lórí, ọ̀gá rí i, ìjà sì dé. Àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù, mi ò fa ìlà gba wọn.

Sikiru_Ládípọ̀ · Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Nọ́ńbà tuntun kan, Ọ̀gbẹ́ni Àgbà ló ń pe ara ẹ̀, ti ń kọ̀wé sí ọkùnrin oní-ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbẹ́ mi láti Sọ́ńdè. Fínlándì ni wọ́n wà báyìí. Méjì ti wọlé fún un. Mo ka gbogbo ohun tó wà níbí sí i létí, ó ní ti Kóṣì nìyẹn, pé èyí yàtọ̀, ọkùnrin yìí kì í ṣe àṣìkọ. Ó ti ní kí n yá òun ní ₦25,000 kó tó di Sátidé.